Ìjábọ̀ Ìwádìí Lórí Ọ̀wọ́n Omi Nínú Ọgbà Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

Sí: Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́
Láti ọwọ́: Ìgbìmọ̀ Ọ̀rọ̀ Omi
Ọjọ́: 12 Oṣù Kejì, 2025

Iṣẹ́ tí ẹ rán wa

Lẹ́yìn ìpàdé òbí àti olùkọ́ inú oṣù Kìíní, ẹ ní kí a wádìí ohun tó mú kí omi wọ́n nínú ọgbà, kí a sì dá àbá lórí rẹ̀. Olùkọ́ méjì àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ náà.

Bí a ṣe ṣe ìwádìí

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ṣọ́ ìdí ẹ̀rọ omi. A bá àwọn ọdẹ, ìyá olóúnjẹ àti olórí akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀. A sì fi tépù wọn àyè tó wà láàárín kànga àti ṣáláńgá.

Ohun tí a rí

Ẹ̀rọ omi kò bàjẹ́, bí gbogbo èèyàn tilẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí a tàn án, omi tú jáde wàà. Iná ìjọba ló ń lò, òru ni iná sì sábà máa ń dé ládùúgbò wa. Ọwọ́ akọ̀wé ọ́fíìsì ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ wà, aago méjì ọ̀sán ló sì ń lọ sílé. Ọdẹ alẹ́ ní abẹ́ gílóòbù tó ń tàn yòò lòun máa ń jókòó sí, tí òun kò sì rọ́nà dé ìdí ẹ̀rọ. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, táǹkì onílítà 2,000 ṣófo.

Kànga ni gbogbo wa wá ń sá lọ. Kò ní ìdérí. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí ni wọ́n fi ń fà á; orí ẹrẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lé, kí wọ́n tó tún sọ ọ́ sínú omi. Mítà 11 péré ló wà láàárín kànga yìí àti ṣáláńgá, bẹ́ẹ̀ mítà 30 làwọn elétò ìlera ń fẹ́. Irú omi bẹ́ẹ̀ lè kó onígbáméjì ran èèyàn. Ibẹ̀ náà ni ìyá olóúnjẹ ti ń pọn omi tó fi ń fọ abọ́, èyí ló sì bà wá lẹ́rù jù.

Àwọn ọmọ kíláàsì kékeré ni wọ́n ń rán lómi jù, nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́.

Àbá wa

1. Kí a gé kọ́kọ́rọ́ kejì fún ọdẹ alẹ́, kí ó máa kọ aago tó tan ẹ̀rọ àti èyí tó pa á sínú ìwé. Owó kékeré ni, kò yẹ kó kọjá ọ̀la.

2. Kí ẹnikẹ́ni má mu omi kànga mọ́, kí wọ́n má sì fi fọ abọ́. Kí a fi kọnkéré dé e, kí ó wà fún fífọ ilẹ̀. Dída kílórínì sí i nìkan kò tó, níwọ̀n ìgbà tí ṣáláńgá ṣì wà níbẹ̀.

3. Kí àwọn òbí fi owó tí wọ́n fẹ́ fi ra ẹ̀rọ tuntun ra táǹkì kejì.

4. Kí a má rán akẹ́kọ̀ọ́ kankan lómi lásìkò ẹ̀kọ́.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀,
fún gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀