Lẹ́tà sí Àwọn Òbí: Ìdí Tí A Fi Ń Kọ́ Àwọn Ọmọ Nípa Ẹ̀sìn Tí Kì Í Ṣe Tiwọn

Àkúrẹ́,
13 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Láti ìgbà tí mo ti kọ́ kíláàsì kejì nípa àlùwàlá àti Ifá ni àwọn kan nínú yín ti ń bi mí pé kí ló kan ọmọ Kìrìsìtẹ́nì níbẹ̀. Bàbá Mùsùlùmí kan náà bi mí nípa ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Ẹ tọ́ bẹ́ẹ̀ láti béèrè.

Ẹ̀kọ́ là ń kọ́, a kì í jọ́sìn ní kíláàsì. Ọmọ Mùsùlùmí kan ló gbé búútà: ó fọ ọwọ́, ó yọ ẹnu, ó fọ imú, ó bọ́jú, ó fọ apá dé ìgbọ̀nwọ́, ó fi omi pa orí, ó wá fọ ẹsẹ̀. Àwọn yòókù ń wò ó, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ pásítọ̀ kan wá béèrè pé, “Tí kò bá sí omi ńkọ́?” Ọmọ Mùsùlùmí náà ò mọ̀ ọ́n. Ilé ló ti lọ bi bàbá rẹ̀, ó sì mú èsì wá lọ́jọ́ kejì: iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́ ni. Ẹ ò rí i pé ọmọ pásítọ̀ ló jẹ́ kí ọmọ ìmàle mọ ẹ̀sìn ara rẹ̀ sí i.

Ní ti Ifá, n ò gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ wọ kíláàsì, n ò sì dáfá fún ẹnikẹ́ni. Mo ṣàlàyé pé ojú odù jẹ́ 16, pé gbogbo odù lápapọ̀ jẹ́ 256, àti pé UNESCO ti ka Ifá mọ́ ohun àjogúnbá aráyé láti ọdún 2005. Ọmọ Àkúrẹ́ tó ń rí àwọn àgbà nígbà ọdún Úlefúnta, tí kò sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ẹ̀gàn ni yóò kọ́ lójú títì. Irú rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ mi: ọmọ kan kọ ọ́ sínú ìwé pé òkúta ni àwọn tó ń kírun ń bọ. Ta ló sọ fún un? Kì í ṣe olùkọ́.

Kò sí máàkì fún ìgbàgbọ́. Bí ọmọ bá lè ṣàlàyé ohun tí ẹlòmíràn gbà gbọ́ láìbú u, ó ti gba máàkì rẹ̀.

Abala 38 òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kò gbà kí a fipá kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí, tàbí kí a mú un lọ síbi ìsìn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ kọ ìwé sí mi; ọmọ yóò jókòó sí láíbìrì nígbà náà, a ò sì ní fìyà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ná.

Mo wà ní kíláàsì ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ láti aago méjì ọ̀sán. Lẹ́yìn ìsinmi Kérésìmesì, ẹ̀kọ́ lórí ààwẹ̀ ló kàn. Òbí tó bá lè wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lórí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tàbí ti Ramadan, kí ó jọ̀wọ́ fi tó mi létí kí táàmù yìí tó parí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ Ẹ̀kọ́ Ẹ̀sìn, Kíláàsì Kejì