Ètò Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọnà: Sísọ Fọ́tò Di Pósítà

Kíláàsì: ọdún kìíní sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, Ẹ̀pẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ 32, kọ̀ǹpútà 8, ẹni mẹ́rin sídìí ọ̀kan.

Àkókò: pírídù méjì tó so pọ̀, ìṣẹ́jú 80.

Ohun èlò: GIMP, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí a ti gbé sórí kọ̀ǹpútà kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé (kò nílò dátà mọ́ lẹ́yìn náà); fọ́tò mẹ́ta láti ọjà ẹja Olúwo; àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan; bébà tó ń fi ohun abẹ́ rẹ̀ hàn; máákà dúdú.

Èròǹgbà: kí akẹ́kọ̀ọ́ lè yan fọ́tò tó máa gba iṣẹ́ pósítà, kó sì sọ ìdí, kó dín àwọ̀ rẹ̀ kù sí mẹ́rin, kó kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i pẹ̀lú àmì tó pé.

Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá: wọ́n ti gbẹ́ línò ní táàmù tó kọjá. Wọ́n mọ̀ pé ibi tí ọ̀bẹ bá gbẹ́ kúrò ló máa ń funfun.

Ìfáárà (ìṣẹ́jú 10). Gbé àdìrẹ kọ́ sára pátákó. Bi wọ́n pé, "Àwọ̀ mélòó lẹ rí?" Lẹ́yìn náà: "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ẹyẹ lèyí, nígbà tí kò ní ojú, tí kò sì ní ju aró àti funfun lọ?" Jẹ́ kí wọ́n jiyàn díẹ̀. Má dá sí i.

Yíyan fọ́tò (ìṣẹ́jú 15). Má kánjú níbí, torí ibí ni ọ̀pọ̀ pósítà ti ń bàjẹ́. Fi fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn wọ́n: èyí tí wọ́n yà ní ọ̀sán gangan, èyí tó kún fún èrò, agbọ̀n àti agboòrùn, àti ti ìyá ẹlẹ́ja kan tí oòrùn àárọ̀ ń bà ní ẹ̀gbẹ́ ojú kan. Kí wọ́n pa ojú dé díẹ̀, kí wọ́n wo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n bá ṣì dá mọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí wọ́n mú. Ẹni tó bá mú ti èrò, jẹ́ kó lọ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà. Yóò padà wá.

Lórí kọ̀ǹpútà (ìṣẹ́jú 40). Ṣe ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún wọn kí wọ́n tó ṣe tiwọn.

`File > Open`, kí wọ́n gé etí tí kò wúlò dànù, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ ní `.xcf`.

`Colors > Desaturate > Desaturate`. Àwọn kan á fẹ́ fo èyí. GIMP máa ń pín pupa, ewé àti búlúù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: bí o bá ní kó pín àwọ̀ sí ọ̀nà 4 láì kọ́kọ́ yọ àwọ̀ kúrò, 4 × 4 × 4, àwọ̀ 64 lè jáde. Kí wọ́n ṣírò rẹ̀ fúnra wọn.

`Filters > Blur > Gaussian Blur`, 3 tàbí 4. Láìsí èyí, ìpẹ́ ẹja á di ẹgbẹ̀rún tóótòòtó.

`Colors > Posterize`, 4. Eérú mẹ́rin ló kù: dúdú, méjì láàárín, funfun.

Ó wá kan àwọ̀ tuntun. Tẹ `Shift+O` láti mú irinṣẹ́ `Select by Color`, kí `Threshold` jẹ́ 0, kí wọ́n pa `Antialiasing`. Tẹ eérú kan, yan àwọ̀, kí o lọ sí `Edit > Fill with FG Color`. Aró bọ́ sí ibi tó dúdú jù, osùn tẹ̀ lé e, àwọ̀ ìyeyè lẹ́yìn náà, funfun kẹ́yìn. Bí ìyeyè bá lọ gba ipò òjìji, ojú ìyá ẹlẹ́ja á yí padà bí ẹni tí iná ń bà láti abẹ́ àgbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ. Ẹ lo `Noto Sans`. "Ẹ̀pẹ́" ni kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀: bí àmì bá fò kúrò lórí ẹ, fọ́ǹtì náà kò yẹ. Kí wọ́n sọ ọ́ di `.png` ní `File > Export As`. Fún bébà A4 tó máa mọ́ kedere, píkísẹ́lì 2480 × 3508 ló yẹ.

Bí iná bá lọ (a kò kúkú ń bẹ̀rù rẹ̀ mọ́): kí wọ́n tẹ́ bébà lé fọ́tò tí a ti tẹ̀, kí wọ́n fi máákà kun ibi òjìji nìkan. Máàkì kan náà ni.

Ìgbéléwọ̀n (ìṣẹ́jú 15). Gbé pósítà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ hàn, kí gbogbo wọn dúró sí ẹ̀yìn kíláàsì. Máàkì 20: fọ́tò 8, àwọ̀ 7, ọ̀rọ̀ àti àmì 5. Béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: kí lẹ sọ nù, kí ló dé tí ẹ kò fi nílò rẹ̀?

Iṣẹ́ àṣetiléwá. Kí olúkúlùkù ya ẹnìkan níbi iṣẹ́ rẹ̀, ní àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́. Kí wọ́n kí ẹni náà dáadáa, "Ẹ kú ọjà o, Mà", kí wọ́n tọrọ àyè kí fóònù tó jáde lápò. Ẹni tó bá kọ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹni tí kò ní GIMP lè lo `photopea.com`, `Image > Adjustments > Posterize`. Fọ́tò kò ní kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní WhatsApp, `Document` ni kí wọ́n yàn, torí ó máa ń fún fọ́tò pọ̀ bí wọ́n bá fi í ránṣẹ́ lásán. Ọjọ́ Ẹtì, kí agogo àkọ́kọ́ tó lù.