Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Ọjọ́ Ẹ̀bùn, Kábà

Òkun o, gbogbo ilé. Aṣojú Ọbáró, mo júbà. Alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ pa ọjà tì nítorí wa, ẹ kú ìdúró. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú oríire. Mi ò ní pẹ́, òjò ń ṣú lọ́hùn-ún, tápólì tá a yá ò sì tó gbogbo wa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ kíláàsì àṣekágbá ni mò ń bá wí. Ní sáà tó ń bọ̀, kálukú yín yóò mú orí-ọ̀rọ̀ kan fún iṣẹ́ ìwádìí. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan kọ̀wé nípa yìnyín tó ń yọ́ ní ìhà àríwá ayé. Ó dùn-ún kà. Mo bi í pé, "Kí lo fi wọn yìnyín ọ̀hún?" Ó wolẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àwa olùkọ́ la fọwọ́ sí i.

Ẹ mú èyí tẹ́sẹ̀ yín lè dé. Lásìkò kajú, ẹ wo abẹ́ igi ní ọ̀nà Ìyàrà: a ó ṣa kóró lọ tà, a ó fi èso sílẹ̀ fún eṣinṣin. Bẹ́ẹ̀, fítámì C inú èso yẹn ju ti ọsàn lọ. Ohun tó ń lé wa ni táníìnì, èyí tó ń mú ahọ́n há, àti pé kì í ju ọjọ́ kan sí méjì lọ kó tó bà jẹ́. Ó ṣeé ṣe kí sítáàṣì tá a sè mú táníìnì náà rọlẹ̀ sísàlẹ̀ omi èso. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ wa ńkọ́? Ṣíbí mélòó ló tó lítà kan? Lẹ́yìn wákàtí mélòó ló máa kan? Mi ò mọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan epo èèpo kóró rẹ̀ o, ó máa ń bó ni lára.

Ẹni tí kajú ò wù, kó mú okùn kó lọ wọn àlàfo kànga sí ṣáláńgá ládùúgbò rẹ̀. Wọ́n máa ń ní kó tó ọgbọ̀n mítà. Má kọ "ìṣòro omi ní Kogí", ó ti tóbi jù fún ọ. Kànga mẹ́fà tó. Kí onílé kó o tó wọlé, má sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, torí mi ò fẹ́ kí baba kankan wá bá mi jà ní ọ́fíìsì.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá béèrè ìdí tẹ́ ẹ fi ń dáná sun èèpo ẹ̀gẹ́, ẹ má pè é ní aláfojúdi. Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ló ń ṣe.

Èmi ni máa ra okùn ìwọ̀n. Ó yá, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé tábìlì ẹ̀bùn wọlé kí òjò tó bá wa pín in.