Ẹ kú ọdún, ẹ̀yin ọmọ ìjọ wa tó wà lókè òkun: ohùn márùn-ún láti Iléṣà, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ohùn kìíní: sí gbogbo yín

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọdún 2026 á tura fún wa lórúkọ Jésù. Pásítọ̀ yín ló ń sọ̀rọ̀ láti Iléṣà. Mo mọ̀ pé inú bọ́ọ̀sì lẹlòmíràn ti ń gbọ́ mi, pé ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi gé ọ̀rọ̀ náà sí márùn-ún. Ẹ gbọ́ ti gbogbo wa yìí, kí kálukú wá gbọ́ tirẹ̀.

Nígbà tí a lu agogo ọdún tuntun níhìn-ín lóru, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ní Tòróńtò, aago mẹ́ta òru sì ti lù fún ẹ̀yin ará Dùbáì. Ọdún kan náà ni, àmọ́ kò bá wa níbi kan náà. Kí a tó kọrin ọpẹ́, a dárúkọ yín, ìdílé dé ìdílé, àwọn àgbà sì ń ṣe àmín sí orúkọ kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àárò ilé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Dáfídì tí gbogbo wa ń pè ní akíkanjú, inú ihò Ádúlámù ló wà, tí ọ̀tá ti gba Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ìlú rẹ̀. Kò béèrè idà, kò béèrè ẹṣin. Omi kànga ẹnubodè ìlú rẹ̀ ló ń wù ú mu. Ó sọ ọ́ jáde lẹ́nu, Bíbélì sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìbá a wí. Nítorí náà, bí iyán Ìjẹ̀ṣà bá ń wù ọ́ láàárín òru nínú òtútù ọ̀hún, tí omi sì bọ́ lójú rẹ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ̀mí rẹ kò lágbára. Sọ ọ́ jáde fún Ọlọ́run. Sọ ọ́ fún wa náà.

Ohùn kejì: sí ẹ̀yin tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ní Mànṣẹ́sítà, àti ní gbogbo ìlú kéékèèké tí ẹ máa ń kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ yín ló ń tọ́jú arúgbó. Ẹ ń wẹ ìyá onílùú, ẹ ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, ẹ sì mọ̀ pé ìyá tó bí yín wà ní Ìjòka, ẹlòmíràn ló ń bá a pọn omi. Mo mọ bí ó ṣe ń rí lọ́kàn. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ lójú Ọlọ́run, bí ẹnikẹ́ni nílé bá sì fi ṣe yín ní yẹ̀yẹ́, ẹ sọ fún mi.

Òfin ìlú náà ti sọ láti oṣù kẹta ọdún 2024 pé olùtọ́jú tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kò gbọ́dọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání. Àwọn tó débẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìdílé wọn ló wà lọ́wọ́ wa níhìn-ín. Mo ń bá ẹ̀yin gan-an sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ yín ń wá sílé ìjọ. Bí àìsàn bá dé lóru, kí ìyàwó tàbí ọkọ yín pe mi, ọ̀nà ilé mi sí ọsibítù Wẹ́sílì Gíìdì kò jìn, mo sì ní mọ́tò.

Ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín fún. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ láàárín ẹ̀yin àti ẹnikejì yín di owó ilé-ìwé àti owó iná nìkan. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ jẹ. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tó pa yín lẹ́rìn-ín. Bí oorun bá ti kùn yín, ẹ gbàdúrà gbólóhùn kan pọ̀ kí ẹ tó pa fóònù.

Ohùn kẹta: sí ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà

Ẹ kú ọdún, ẹ kú òtútù. Gbogbo yín ni mò ń kí, àmọ́ àwọn tó pàdánù òbí ní ọdún tó kọjá ni mo fẹ́ lo àsìkò yìí fún, pàápàá àwọn tí ìwé ìgbélùú wọn kò tíì jáde, tí wọn kò lè wọkọ̀ òfúrufú wálé.

Mo wà létí sàárè. Ẹ wà nínú fóònù tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé sókè. Mo rí yín nínú ẹ̀wù òtútù, tí ẹ fi ọwọ́ bo ẹnu. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já nígbà tí a fẹ́ bu eérú fún eérú, ẹ kò rí i. Láti ìgbà náà ni òwe kan ti ń gún yín lọ́kàn, mo mọ̀ ọ́n: ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ẹ ń sọ fún ara yín pé ẹ kò sin òbí yín.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Èmi ni mo ka ìwé ìsìnkú. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n wò nígbà àìsàn. Mo rí oògùn lórí tábìlì wọn lóṣooṣù, mo sì mọ ẹni tó ra á. Mo gbọ́ ohùn yín lórí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ ń kọrin fún wọn títí wọ́n fi sùn. Ìyẹn ni ìsìnkú gidi, kí ẹ̀mí ṣì wà lára. Bàbá kan sọ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀ pé ọmọ òun kò jẹ́ kí ìyà jẹ òun. Ọmọ sin wọ́n. Èmi tí mo dúró níbẹ̀ ló ń jẹ́rìí.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ti ro koríko ibojì wọ̀nyẹn kí Kérésì tó dé. Lọ́jọ́ tí ìwé yín bá jáde, ẹ wá, èmi fúnra mi á mú yín débẹ̀. Ẹ sunkún tó bá yẹ nígbà náà, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ara yín ní ọmọ burúkú mọ́.

Ohùn kẹrin: sí ẹ̀yin ará Dùbáì, àti ẹnikẹ́ni tí nǹkan kò tíì ṣẹnuure fún

Ti yín kò ní pẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò fẹ́ kí ilé mọ bí nǹkan ṣe rí. Iṣẹ́ tí aṣojú ṣèlérí kọ́ ni ẹ bá níbẹ̀. Yàrá kan, èèyàn mẹ́jọ. A bá pè yín, ẹ á ní dáadáa ni, ẹ á rẹ́rìn-ín, ẹ á tètè pa fóònù. Mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn tó láti dá a mọ̀.

Ẹ pe mi. Ẹ má pe mi láti sọ pé dáadáa ni. N kò ní sọ fún ìyá yín tí ẹ kò bá fẹ́, n kò sì ní mú un lọ sórí àga ìwàásù. Bí ẹ bá fẹ́ padà wálé, ẹ padà wálé. Iléṣà kò ní fi yín ṣe ẹlẹ́yà, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ yìí, èmi àti ẹ̀ ni.

Mo ti bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ ní ìsìn àìsùn. Mo ní kí wọ́n dín ìbéèrè owó kù, kí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè pé, ṣé o ti jẹun? Àwọn kan kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. N kò yí i padà.

Ohùn karùn-ún: ohun tí a ń bẹ̀ yín fún

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí Jeremáyà kọ lẹ́tà sí àwọn tí wọ́n kó lọ sí Bábílónì, kò ní kí wọ́n jókòó ti ẹrù wọn. Ó ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n bímọ, kí wọ́n gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà. Ohun tí èmi náà ń sọ fún yín nìyẹn. Ẹ fìdí múlẹ̀. Ẹ yan ọ̀rẹ́ níbẹ̀. Ẹ wá ilé ìjọsìn tó wà nítòsí yín, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ sí ìjọ Iléṣà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tí ẹ bí sọ́hùn-ún gbọ́ oríkì ilé yín. Bí wọn ò tilẹ̀ mọ̀ ju ẹ káàárọ̀ lọ, ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà wọn kò ní fi ìpèdè wọn rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní yìí, àwọn àgbà ìjọ máa jókòó sínú gbọ̀ngàn láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ti ra dátà, wọ́n á ran àwọn tí kò mọ fóònù lò lọ́wọ́. Ẹ pè. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni yóò jẹ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, mẹ́wàá òwúrọ̀ ní Tòróńtò, mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ní Húsítọ̀nù, méje alẹ́ ní Dùbáì. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ dípò rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ohùn yín ni wọ́n ń bọ̀ wá gbọ́. Màmá kan ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá kí òun wọ aṣọ tuntun, nítorí ọmọ òun máa rí òun.

Olúwa tó sọ òkun di ọ̀nà fún Ísírẹ́lì, jáde tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọmọ yìí lọ. Gbé ìwé tó há sórí tábìlì òyìnbó jáde fún wọn. Mú ọkọ dé ọ̀dọ̀ aya, mú aya dé ọ̀dọ̀ ọkọ. Fi oorun gidi fún ẹni tí iṣẹ́ alẹ́ ti lù pa. Jẹ́ kí ojú àwọn òbí tó wà láàyè rí wọn. Ọmọ Obòkun, ẹ kò ní sọnù sájò, lórúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.