Ọwọ́ Aró: Ìwé Àwòrán fún Eré Alápá Mẹ́fà

Ojú ìwé 1. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ rí

Bí aláró bá fa aṣọ yọ nínú ìkòkò, aṣọ náà kì í tíì dúdú. Àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n ló máa ń bá jáde. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró, díẹ̀díẹ̀, lójú ẹni. Orí ìṣẹ́jú mélòó kan yẹn la kọ́ gbogbo eré yìí lé.

Abẹ́òkúta ni, 1935 sí 1936. Ìyá Àgbà Abẹ́ní ń fi èlú àti omi eérú ṣe aró ní Ìtòkú. Àdùkẹ́, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo sódà àti aró inú agolo. Ó yá ju ti èlú lọ, ṣùgbọ́n bí sódà bá pọ̀ jù, á jẹ aṣọ. Ìjà lórí ọ̀rọ̀ yìí le nílùú nígbà náà débi tí ìgbìmọ̀ ìwádìí fi jókòó lé e lórí ní 1936. Àwa ò tẹ̀ lé ìgbìmọ̀ náà lọ. Inú agbo ilé kan ṣoṣo la dúró sí.

Ojú ìwé 2 sí 4. Àwọ̀

Àgbé ló laró, kì í ráhùn aró. Àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn. Lékèélékèé ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun. Inú ìwúre yìí la ti mú àwọ̀ eré wa, a ò sì fi ìkẹrin kún un.

Ẹfun ni aṣọ funfun tí kò tíì wọ ìkòkò. Osùn ni yẹ̀pẹ̀ àdúgbò àti òrùlé páànù tó ti dógùn-ún. Aró ló ń rìn láàárín méjèèjì. Aṣọ tí wọ́n rì lẹ́ẹ̀kan yóò mọ́lẹ̀ bí ojú ọ̀run. Èyí tí wọ́n rì, tí wọ́n sá, tí wọ́n tún rì, yóò dúdú títí á fi máa dán bí ìyẹ́ àgbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni apá kìíní yóò ṣe mọ́lẹ̀, tí apá kẹfà yóò sì dúdú.

Àwòrán 4: bùbá funfun Àdùkẹ́, níbi tí aró aṣọ mìíràn ti ṣí sí i léjìká. Látìgbà tí sódà bá ti wọ agbo ilé, aró kò ní dúró síbi tí wọ́n fi í sí mọ́.

Ojú ìwé 5 sí 7. Aṣọ

Kò ní sí léèsì. Kò ní sí adìrẹ aláwọ̀ púpọ̀ tí a ń pè ní Kàmpálà. Ìgbà tó pẹ́ sí 1935 ni méjèèjì dé. Gèlè gbọ́dọ̀ rọ̀, kí ó wó sí ẹ̀yìn etí bí òòrùn bá mú; gèlè tó le gbandi yóò gbé wa kúrò ní 1935 lójú ẹsẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́, ìró ni àwọn aláró yóò ró mọ́ àyà. Bùbá àti ìborùn di ìgbà tí wọ́n bá ń lọ ọjà.

Aṣọ tó ṣe pàtàkì jù ni Olóba, adìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ya Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún àti ayaba rẹ̀ sí, nígbà tí ọba náà pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́ ní 1935. Páànù tí wọ́n gé ihò sí ni ọmọ Ìyá Àgbà yóò fi tẹ ẹ̀kọ sí i lára. Ìyá Àgbà rẹ ẹ́ dúdú, Àdùkẹ́ náà rẹ tirẹ̀. Ẹ wo Àwòrán 6 dáadáa: aṣọ méjì, ojú ọba kan náà, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n ọba ti fẹ́ jẹ lára ti Àdùkẹ́.

Ọwọ́ náà jẹ́ aṣọ. Aró kò gbọ́dọ̀ kúrò ní ìdí èékánná Abẹ́ní, kódà níbi tó ti ń jẹun lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Ojú ìwé 8. Kámẹ́rà

Lẹ́ńsì kan ni, 40 mm, kámẹ́rà yóò sì wà ní gíga ẹni tó jókòó sórí àpótí. Olúmọ yóò hàn láàárín òrùlé méjì péré, bí obìnrin tó gbé ojú sókè lẹ́bàá ìkòkò ṣe máa rí i. A ò ní fò lókè rẹ̀.

Nígbà tí aṣọ bá ń yí àwọ̀, a ò ní gé àwòrán. A ti dán an wò nínú àgbàlá aláró kan: ìṣẹ́jú mẹ́ta, kámẹ́rà ò mì. Ìdánwò náà ló kọ́ wa pé aṣọ funfun ń mọ́lẹ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ ara dúdú lọ́sàn-án, nítorí náà a ó rẹ gbogbo funfun sínú omi tíì kí a tó wọ̀ ọ́. A ó fi òrí pa àwọn òṣèré lára, kí ìmọ́lẹ̀ àtùpà lè rí ibi bà lé lóru.

Ojú ìwé 9. Ohun tí a nílò lọ́wọ́ yín báyìí

Aṣọ tí a ń sọ yìí kò sí lọ́jà. Ṣe ni a ó rẹ ẹ́. Èlú gbọ́dọ̀ wà nínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó ṣe é lò, ọgọ́ta aṣọ la sì nílò. Oṣù mẹ́ta ṣáájú àwòrán àkọ́kọ́ ni àwọn aláró gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí owó aṣọ fi ṣáájú owó kámẹ́rà nínú ìṣirò wa.