Kí ẹ tó yí ìwé yín padà

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jókòó. Ẹ má tíì fọwọ́ kan ìwé ìdíje ìṣirò tó wà níwájú yín o, ẹ jẹ́ kó dojú bolẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rí ẹnì kan lọ́wọ́ ẹ̀yìn tó ń gbé etí ìwé tirẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ kó lè yọjú wò ó. Mo ti rí ọ. Sọ ọ́ kalẹ̀.

Nígbà tí mo ń pín ìwé lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú yín ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Ìṣirò ò sí lára tèmi." Mi ò ní wo ẹni náà lójú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi í, kí gbogbo yín bá a dáhùn: kí là ń pe 47 ní Yorùbá?

Mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ẹ ṣeun. Ẹ ò tilẹ̀ rò ó kó tó bọ́ lẹ́nu yín. Ó dáa, ẹ wá wo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ kan yẹn. Ẹ ti yọ 3 kúrò nínú 50. Àádọ́ta fúnra rẹ̀, 10 la yọ kúrò nínú ọgọ́ta kó tó di àádọ́ta. Ọgọ́ta ńkọ́? Ogún mẹ́ta ni. Ẹ kó ogún jọ lọ́nà mẹ́ta, ẹ yọ 10, ẹ tún yọ 3, ẹ sì ṣe gbogbo rẹ̀ tán kí n tó mí lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tó ti ń ṣe èyí láti ìgbà tó ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ ló wá ń sọ pé ìṣirò ò sí lára òun. Irọ́ gbáà ni.

Mi ò fi èyí dápàárá o. Ó wúlò lórí ìwé tó wà níwájú yín. Ká ní ẹ bá 98 × 6 pàdé. Ẹnì kan á to 98 sókè, á fi 6 sísàlẹ̀, á ní 8 lọ́nà 6 jẹ́ 48, kọ 8 sílẹ̀, pa 4 mọ́. Kò burú, á débẹ̀, bí kò bá gbàgbé 4 tó pa mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pe nọ́ńbà náà ná: méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ó ti sọ ara rẹ̀ fún yín, 100 tí 2 dín lára rẹ̀ ni. 100 lọ́nà 6 jẹ́ 600. 2 tó dín, lọ́nà 6, jẹ́ 12. Ẹ yọ 12 kúrò nínú 600, ó ku 588. Bẹ́ẹ̀ náà ni 97 + 86: ẹ ro 100 mọ́ 86, ẹ dá 3 padà, 183. Nítorí náà, bí nọ́ńbà kan bá dẹ́rù bà yín lónìí, ẹ pè é sínú ara yín, ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ òfin ìdíje. Ìbéèrè 20 ni, ìṣẹ́jú 40 lẹ ní. Máàkì 5 ni ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, 3 fún bí ẹ ṣe ṣe é, 2 fún ìdáhùn. Ẹni tó kàn kọ ìdáhùn sílẹ̀ láìfi iṣẹ́ hàn ti sọ 3 nù lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ṣìṣe ní ìlà tó kẹ́yìn lè gba 3 síbẹ̀. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi fi ibì kan sílẹ̀ lófìfo. Ẹni tó bá sì ń na ọrùn rẹ̀ láti wo ìwé ẹni tó jókòó tì í, mo fẹ́ kó mọ̀ pé nọ́ńbà tó wà nínú ìwé méjèèjì kò bára mu. Alẹ́ àná ni mo jókòó yí i padà. Ọrùn á kàn dùn ọ́ lásán ni.

Ìdá tí mo mọ̀ pé ẹ ń bẹ̀rù, ó wà níbẹ̀, mi ò ní parọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé mẹ́sàn-án ni mo mú tó ní 1/2 + 1/3 jẹ́ 2/5. Ẹ ro òkè mọ́ òkè, ẹ ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Mi ò bínú, ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó. O ní ìdajì lọ́wọ́. Wọ́n tún wá fún ọ ní ìdá kan nínú mẹ́ta lé e. O ka ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ, o ní 2/5 ni, èyí tí kò tó ìdajì tó o ní tẹ́lẹ̀. Ta ló jí i? Ẹ pín méjèèjì sí mẹ́fà mẹ́fà: 3/6 àti 2/6, ó di 5/6. Ìbéèrè "ta ló jí i" yẹn, ẹ máa bi ara yín lẹ́yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ.

Àmì dọ́gba náà, ẹ jọ̀wọ́. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Robert Recorde ló mú un wọ inú ìwé lọ́dún 1557. Ó ti sú u láti máa kọ "ó dọ́gba pẹ̀lú" léraléra, ló bá fa ìlà gbọọrọ méjì tó gùn bákan náà, ó ní kò sí ohun méjì tó lè dọ́gba tó wọn. Ẹ wá wo ohun tí àwọn kan ń ṣe sí i: 3 + 4 = 7 × 2 = 14. Ẹ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ń sọ fún mi pé 3 àti 4 jẹ́ 14! Ẹ sọ̀kalẹ̀ sí ìlà tuntun, ìwé pọ̀.

Ohun kan ló kù, èmi ni mo ṣe é. Nígbà tí mo wà ní irú kíláàsì yín, a ṣe irú ìdíje báyìí. Èmi ni mo kọ́kọ́ parí. Mo ká ọwọ́ lẹ́ran, mo ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bí wọ́n ṣe ń làágùn, inú mi ń dùn. Ìgbà tí tísà wá gba ìwé ló yí tèmi padà, ó fi hàn mí: ìbéèrè mẹ́ta wà lẹ́yìn tí mi ò fojú kàn rárá. Kò bá mi wí. Ó kàn gbé ìwé náà lọ. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá fún mi ní ìwé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Tiyín náà ní ẹ̀yìn o. Ìbéèrè 13 sí 20 wà níbẹ̀.

Bí ọ̀kan bá há yín lọ́rùn, ẹ sàmì sí i, ẹ kọjá lọ, ẹ á padà wá bá a. Bí ẹ bá ṣìṣe, ẹ fa ìlà kan kọjá lórí rẹ̀. Ẹ má fi rọ́bà ha ìwé títí á fi lu, torí ohun tí ẹ fagi lé ṣì lè jẹ́ òun gan-an ló tọ̀nà, mo sì fẹ́ rí i.

Ẹni tó bá gba ipò kìíní á ṣètò ìbéèrè mẹ́wàá fún èmi. Èmi náà á ṣe é lójú pátákó lọ́jọ́ Ẹtì, níwájú gbogbo yín, ẹ̀yin lẹ ó sì fún mi ní máàkì. Mo rí i pé ẹ̀rín ti wà lẹ́nu àwọn kan. Ẹ ṣe é kó le dáadáa, ẹ má ṣàánú mi.

Pẹ́ńsùlù wà lọ́wọ́ gbogbo yín? Ìwọ, gba èyí, tìrẹ ti kán. Ó dáa. Aago mẹ́wàá gééré ti lù, ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ yí i padà.