Sí ọ̀rẹ́ mi tó di ọ̀gá ẹ̀ka

Ọ̀rẹ́ mi,

Kú oríire o. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n lẹ ìwé ìgbéga náà mọ́ ògiri, mo kàn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ni, mo sì padà sídìí iṣẹ́ mi. Ariwo ti pọ̀ jù níbẹ̀, ohun tí mo ní í bá ọ sọ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ariwo. Mo fẹ́ fara balẹ̀ kọ ọ́, kó má sì sí ìlà kan nínú ẹ̀ tí mi ò ní lè tún wí lójú rẹ.

Mo gbọ́ pé ó ya àwọn kan lẹ́nu. Kò ya èmi lẹ́nu o. Ọdún 6 la ti jọ wà nínú yàrá kan náà, tábìlì mi ló kọjú sí tìrẹ, ohun tí mo sì ti rí níbẹ̀, àwọn tó ń rọ́ wá kí ọ báyìí kò rí i.

Ṣé o rántí alẹ́ ọjọ́ tá a fẹ́ ti ìwé ìṣirò ọdún tó kọjá, tí ìwé kọ̀ tí kò dọ́gba? 360 péré ló fi yàtọ̀. Odindi wákàtí méjì ni mo fi ń yẹ rìsíìtì wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú mi ti ń ṣú. O rìn wá, o wo 360 yẹn, o ní, "Fi 9 pín in." Mo pín in, ó di 40, kò ṣẹ́ kù. O wá ní tí ìyàtọ̀ bá ti ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù, ká kọ́kọ́ wá ibi tí nọ́ńbà méjì tó tẹ̀ léra ti gbapò ara wọn. Kò pẹ́ tá a fi bá a: 5,840 ló wà lára rìsíìtì, 5,480 ló wà nínú ìwé. Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi ni.

Títí dòní, ọgbọ́n 9 yẹn ni mo ń lò. Ṣùgbọ́n ti àárọ̀ ọjọ́ kejì ló wọ̀ mí lára jù. Ọ̀gá béèrè ohun tó fa iṣẹ́ sẹ́yìn, o ní, "A ti rí i, a ti tún un ṣe." "A" lo wí. Ká ní ìwọ lo ṣe àṣìṣe yẹn, tí wọ́n sì bi èmi, mi ò lè búra pé "a" ni mo máa sọ. Òun ni mo rántí nígbà tí mo rí orúkọ rẹ lára ògiri, tí mo tún un kà lẹ́ẹ̀kejì.

Mi ò ní sọ pé o kò ní àléébù, wàá kàn rò pé ẹlòmíì ló bá mi kọ lẹ́tà ni. O máa ń fẹ́ dá gbogbo ẹrù gbé. Ipò tuntun yìí kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí ẹlòmíì bá ọ di apá kan mú, kódà tí kò bá lè ṣe é dáadáa tó bíi tìrẹ.

Àwa méjèèjì la jọ wọlé fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ ká máa fi bò fún ara wa. Tó o bá rí i pé ẹnu mi kò fi bẹ́ẹ̀ yá lọ́sẹ̀ yìí, má tìtorí ẹ̀ máa rọra rẹ́rìn-ín tí mo bá wọlé. Ohun tó o ṣiṣẹ́ fún lo gbà. Yọ̀ ọ́ dáadáa, kódà lójú mi.

Wọ́n ti gbàdúrà fún ọ pé adé á pẹ́ lórí, bàtà á pẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo ṣe àmín, tọkàntọkàn. Èyí tí mo fi kún un kò gùn: kí ẹ̀rù má ba àwọn tó wà lábẹ́ rẹ láti wá sọ fún ọ pé àwọn ṣàṣìṣe, bí ẹ̀rù kò ṣe bà mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ó ku ohun kan. Nígbà tó o kó lọ sí yàrá òkè, o gbàgbé ẹ̀rọ ìṣirò rẹ sórí tábìlì, èyí tí nọ́ńbà ojú bọ́tìnnì 0 rẹ̀ ti pa rẹ́ pátápátá. Mo ti ń lò ó láti àná. Tó o bá fẹ́ gbà á, wá fúnra rẹ, má rán ẹnì kankan.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ tó kọjú sí ọ